Láptọ́ọ̀pù so mọ́ Wáì-fáì, àmì ìkìlọ̀ sì wà lórí rẹ̀: ohun tí 169.254 ń sọ nípa ráútà yín

Ìbéèrè yìí ń wá láti Panseke ní Abẹ́òkúta níbí, ó ń wá láti Ọbáńtoko, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Camp náà kì í yé bi wá. Láptọ́ọ̀pù ti so mọ́ Wáì-fáì, ìlà rẹ̀ kún, àmọ́ àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò tó ní àmì ìyanu nínú jókòó sórí rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣí. Wíńdòòsì 7 á kọ `Limited access` síbẹ̀, Wíńdòòsì 10 á kọ `No Internet, secured`.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á sáré ra dátà. Ẹ fi owó yín sápò ná. Àmì yẹn kò mọ ibi tí ìṣòro wà, àfi pé íńtánẹ́ẹ̀tì kò dé ọ̀dọ̀ láptọ́ọ̀pù. Àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lára láptọ́ọ̀pù ló mọ ibẹ̀, kíkà rẹ̀ kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

## Ẹ kọ́kọ́ ka àdírẹ́ẹ̀sì náà

1. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Wíńdòòsì pọ̀ mọ́ R. Ẹ kọ `cmd` sínú àpótí tó bá jáde, kí ẹ tẹ Enter.
2. Nínú fèrèsé dúdú tó ṣí, ẹ kọ èyí, kí ẹ tún tẹ Enter:

```
ipconfig
```

3. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Wireless LAN adapter Wi-Fi` sí. Lórí Wíńdòòsì 7, `Wireless Network Connection` ló máa ń dípò `Wi-Fi`, níbí àti nínú àwọn àṣẹ `netsh` tó wà nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ wáyà lẹ fi so ó, `Ethernet adapter Ethernet` lẹ máa wò.

Ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta lẹ máa rí níbẹ̀.

- Àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 tàbí 10, tí nọ́ńbà sì wà níwájú `Default Gateway`. Ráútà ti dá láptọ́ọ̀pù lóhùn. Ìṣòro wà lẹ́yìn ráútà: dátà ti tán, tàbí iléeṣẹ́ tó ń fún yín ní íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe ségesège. Ẹ̀yin lẹ lè lọ wo dátà yín. Ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí kò kàn yín.
- `Media disconnected`. Láptọ́ọ̀pù kò tíì so mọ́ nǹkan kan rárá. Ẹ wo bóyá Wáì-fáì rẹ̀ wà ní títàn.
- Àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254. Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti ibí lọ. Bó ṣe máa rí nìyí:

```
Autoconfiguration IPv4 Address. . : 169.254.83.112
Subnet Mask . . . . . . . . . . . : 255.255.0.0
Default Gateway . . . . . . . . . :
```

Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn lè yàtọ̀ sí èyí. 169.254 tó wà níwájú àti `Default Gateway` tó ṣófo ni kí ẹ dì mú.

## Ẹjọ́ tí nọ́ńbà yẹn ń rò

Bí láptọ́ọ̀pù bá ti wọ inú Wáì-fáì, ohun tó kàn ni pé á ké sí gbogbo ohun tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà pé kí ẹni tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún òun ní tòun. Apá kan nínú ráútà tó ń jẹ́ DHCP ló yẹ kó dáhùn. Bí kò bá sí ìdáhùn, láptọ́ọ̀pù á ké lẹ́ẹ̀kan sí i, á tún ké. Nígbà tó bá sú u, á fúnra rẹ̀ mú nọ́ńbà kan láàárín 169.254.1.0 sí 169.254.254.255, á béèrè bóyá ẹnìkan ti ń lò ó, á sì fi ṣe tiẹ̀. Ńṣe ló dà bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn títí, tí kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, tó wá wá ìjókòó fún ara rẹ̀ sí ìta.

Nítorí náà, ohun tí 169.254 ń sọ kò ju pé: «Mo béèrè, n kò gbọ́ èsì.» Kò sọ pé ráútà ti kú. Kò sì sọ nǹkan kan nípa dátà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kò tíì dé ibi tí dátà wà. Bí `Default Gateway` bá ti ṣófo, kò sí ọ̀nà àbájáde fún láptọ́ọ̀pù, bí dátà ibẹ̀ tiẹ̀ pọ̀ bí omi Odò Ògùn.

Àìgbọ́ èsì yìí lè wá láti ọ̀nà mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé ìbéèrè kò dé ọ̀dọ̀ ráútà. Ó lè jẹ́ pé ó dé ibẹ̀, àmọ́ ráútà kò ní àdírẹ́ẹ̀sì kankan lọ́wọ́ mọ́, tàbí kí apá tó ń pín in ti dákú. Ó sì lè jẹ́ pé ráútà dáhùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan nínú láptọ́ọ̀pù ló di etí rẹ̀. Iṣẹ́ yín ni láti mọ èwo ló jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

## Má ṣe gba ẹ̀rí fóònù gbọ́ kíákíá

«Ṣebí fóònù mi ń ṣiṣẹ́ lórí Wáì-fáì kan náà, láptọ́ọ̀pù ló bàjẹ́.» Gbólóhùn yìí ló ti gbé ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí kò ṣe nǹkan kan dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe ní Ìta-Ẹ̀kọ́.

Àyálò ni àdírẹ́ẹ̀sì tí ráútà ń fúnni, ó sì ní àsìkò tó máa lò lọ́wọ́ ẹni tó yá a. Fóònù tó ti gba tirẹ̀ láàárọ̀ lè máa lò ó lọ fún wákàtí púpọ̀, kódà bí apá DHCP inú ráútà bá ti dákú láti ọ̀sán. Ohun tó ń jẹ́rìí ni ohun èlò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: fóònù àlejò tí kò wọ Wáì-fáì yẹn rí. Bí tòun náà bá yí, tó yí, tó kọ̀, ráútà ni ká máa wò. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ padà sọ́dọ̀ láptọ́ọ̀pù.

Ìkìlọ̀: ẹ má tẹ `Forget` lórí fóònù kan ṣoṣo tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ lè fi ṣe ìdánwò. Bí ráútà bá ti yadi, fóònù yẹn kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́, ẹ̀yin náà kò sì ní rí ohun tí ẹ máa fi dé inú ráútà. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ orúkọ Wáì-fáì náà lórí fóònù, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó wà níwájú `IP address` àti `Gateway` sílẹ̀. Ẹ máa lò wọ́n láìpẹ́.

## Bí ẹ ṣe máa tẹ̀ lé e

1. Ẹ fún ráútà láyè, bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, ọ̀pọ̀ ráútà kò ní. Bí iná bá lọ tó sì padà, ráútà lè gbé orúkọ Wáì-fáì rẹ̀ jáde kí apá tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì tó jí. Láptọ́ọ̀pù á wọlé, kò ní bá ẹnikẹ́ni, á sì mú 169.254. Wíńdòòsì máa ń tún béèrè ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àmì yẹn fi máa ń lọ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, tí àwọn èèyàn á sì sọ pé àdúrà gbà.

2. Ẹ ní kí láptọ́ọ̀pù tún béèrè.

```
ipconfig /release
ipconfig /renew
```

Bí àdírẹ́ẹ̀sì 192.168 bá jáde, ó parí. Bó bá pẹ́ díẹ̀ tó wá kọ `unable to contact your DHCP server`, ẹ tẹ̀ síwájú.

3. Ẹ pa ráútà, kí ẹ tún un tàn. Ẹ yọ iná rẹ̀ kúrò lára ògiri, ẹ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ tó dá a padà. Ẹ jẹ́ kí àwọn iná ara rẹ̀ balẹ̀ kí ẹ tó tún so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Ní tèmi, bí iṣẹ́ kò bá kánjú, tí fóònù kan sì ṣì ń wọ inú ráútà, mo máa ń fi ìgbésẹ̀ yìí sílẹ̀ dìgbà tí mo bá wo inú ráútà tán. Pípa á máa ń nu orúkọ àwọn tó yá àdírẹ́ẹ̀sì kúrò nínú ọ̀pọ̀ ráútà. Ara á yá lónìí, ẹ kò ní mọ ohun tó fà á, á sì tún ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

4. Ẹ fi ọwọ́ fún láptọ́ọ̀pù ní àdírẹ́ẹ̀sì. Bí ẹ kò bá ní ṣe ju ìdánwò kan lọ, èyí ni kí ẹ ṣe. Ẹ wá `cmd`, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀tún, kí ẹ mú `Run as administrator`. Ká ní `Gateway` tí ẹ rí lórí fóònù jẹ́ 192.168.0.1, ẹ kọ:

```
netsh interface ip set address "Wi-Fi" static 192.168.0.240 255.255.255.0 192.168.0.1
ping 192.168.0.1
```

Bí tiyín bá jẹ́ 192.168.1.1, ẹ yí òdo yẹn sí 1 níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mú 240 nítorí pé ó jìnnà sí ibi tí ọ̀pọ̀ ráútà ti ń pín nọ́ńbà. Ẹ má mú nọ́ńbà tí fóònù tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò.

`ping` ń ké sí ráútà láti mọ̀ bóyá á dáhùn. Ẹ fara balẹ̀ ka èsì rẹ̀:

- `Reply from 192.168.0.1: bytes=32`: ọ̀nà àárín láptọ́ọ̀pù àti ráútà mọ́ gaara. Bí ohun èlò tuntun mìíràn náà kò bá rí àdírẹ́ẹ̀sì gbà, apá DHCP inú ráútà ló ní àrùn.
- `Request timed out`, tàbí `Reply from 192.168.0.240: Destination host unreachable`: ọ̀rọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ráútà. Ẹ ṣọ́ra fún èyí kejì yìí. `Reply` wà nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ wo ẹni tó ń fèsì: láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ni.

5. Ẹ dá láptọ́ọ̀pù padà sí bó ṣe wà.

```
netsh interface ip set address "Wi-Fi" dhcp
```

Ẹni tó bá gbàgbé èyí á gbé láptọ́ọ̀pù lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, Wáì-fáì ibẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ráútà oníráútà.

Bí iṣẹ́ bá ń jó yín lẹ́sẹ̀ tí `ping` sì ti yè, ẹ lè sún ìgbésẹ̀ 5 síwájú díẹ̀. Ẹ fi `netsh interface ip set dns "Wi-Fi" static 8.8.8.8` kún un, ẹ ó lè fi àdírẹ́ẹ̀sì ọwọ́ yẹn ṣe iṣẹ́ yín tán. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ dá ti dns náà padà: àṣẹ kan náà ni, àmọ́ `dhcp` ló máa rọ́pò `static 8.8.8.8`.

## Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Panseke

Ẹ jẹ́ ká fi ẹyọ kan yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ó lẹ páásíwọọ̀dù Wáì-fáì mọ́ ògiri kí àwọn oníbàárà lè fi ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù wọn. Ní ọ̀sán Mọ́ńdè, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tan láptọ́ọ̀pù tó ti wà ní pípa láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Àmì yẹ́lò jáde.

«Àǹtí, dátà ti tán o.»

«Dátà wo? Àná ni mo rà á, WhatsApp mi sì ń wọlé.»

`ipconfig` fi 169.254.83.112 hàn. Fóònù obìnrin náà ní 192.168.0.103, `Gateway` rẹ̀ sì jẹ́ 192.168.0.1. Wọ́n pa ráútà? Rárá, wọ́n fi ọwọ́ fún láptọ́ọ̀pù ní 192.168.0.240, wọ́n sì `ping` ráútà. Ó dáhùn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ráútà wà láàyè, Wáì-fáì láptọ́ọ̀pù sì pé. Ó ku kí wọ́n wo inú ráútà.

Wọ́n kọ `192.168.0.1` sí ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì ojú ewé sí, wọ́n fi páásíwọọ̀dù ráútà wọlé (èyí tó wà lábẹ́ ráútà fúnra rẹ̀, ó yàtọ̀ sí ti Wáì-fáì), wọ́n sì lọ sí ojú ewé DHCP. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ rèé:

- Àdírẹ́ẹ̀sì tó ń pín bẹ̀rẹ̀ ní 192.168.0.100, ó parí ní 192.168.0.109. Ẹ kà á dáadáa, 10 ni, kì í ṣe 9.
- `Lease Time` jẹ́ 1440. Ìṣẹ́jú ni, ìyẹn wákàtí 24.
- Orúkọ 10 ló wà nínú ìwé àwọn tó yá àdírẹ́ẹ̀sì: fóònù obìnrin náà, ti ọmọ iṣẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti fóònù oníbàárà méje.

Àwọn oníbàárà méje wọ̀nyí ti lọ sílé wọn. Ẹnìkan lè ti dé Ìtokò kó sì ti máa jẹun ọ̀sán, àdírẹ́ẹ̀sì tó yá ṣì wà lórúkọ rẹ̀ títí di ọ̀la. Ti láptọ́ọ̀pù ti tó àsìkò ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè nígbà tó wà ní pípa, ráútà sì ti fi fún ẹlòmíràn láàárọ̀ Mọ́ńdè. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù wá béèrè, àpò ti ṣófo. Ráútà tí àpò rẹ̀ bá ṣófo kì í sọ pé «kò sí», dídákẹ́ ló ń dákẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà méjì. Wọ́n yí ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì parí sí láti 109 sí 199, ó di 100. Wọ́n yí 1440 sí 120, kí àdírẹ́ẹ̀sì oníbàárà tó bá lọ lè padà sínú àpò lẹ́yìn wákàtí méjì. Wọ́n tẹ `Save`, wọ́n jẹ́ kí ráútà tún ara rẹ̀ tàn, wọ́n dá láptọ́ọ̀pù padà sí `dhcp`. 192.168.0.110 ló gbà, àmì yẹ́lò sì lọ.

Ẹ má wá fi ìtara yí 120 yẹn sí 1 tàbí 2. Ohun èlò tó ṣì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń sọ àyálò rẹ̀ dọ̀tun bí àsìkò rẹ̀ bá dé ìdajì, ẹ kàn máa kó ariwo bá ráútà lásán ni. Nínú ilé tí àlejò kì í pọ̀ sí, 1440 kò burú rárá. Àpò kékeré tó pàdé èrò púpọ̀ ni ìṣòro.

Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ bá `DHCP Server` ní pípa, ẹ tàn án. Bó bá wà ní títàn, tí àpò kò kún, síbẹ̀ tí ohun èlò tuntun kò rí àdírẹ́ẹ̀sì gbà, ìgbà yìí gan-an ni pípa àti títan ráútà wúlò. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀, bátìrì tàbí ṣájà tí kò fún ráútà ní iná tó ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

## Ilé tó ní ráútà méjì

Èyí pọ̀ ní àwọn ilé ńlá Asẹ́rò àti Ìdí-Àbà, níbi tí ráútà ilé iwájú kì í dé bọ́ìsì kótà. Wọ́n á fa wáyà lọ sí ẹ̀yìn, wọ́n á fi ráútà kejì sí i, wọ́n á sì pa DHCP ti ẹ̀yìn kí méjèèjì má bàa máa pín àdírẹ́ẹ̀sì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wáyà àárín bá já, tàbí tí eku bá jẹ ẹ́, Wáì-fáì ẹ̀yìn á ṣì máa jáde, á kún bámúbámú, ẹnikẹ́ni tó bá wọ inú rẹ̀ á sì gba 169.254. Ìlà tó kún kò sọ ju pé ráútà ẹ̀yìn wà nítòsí yín. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí iwájú, kí ẹ so ó mọ́ ráútà àkọ́kọ́. Bó bá gba 192.168, wáyà ni kí ẹ lọ wò, pàápàá ẹnu rẹ̀ méjèèjì.

## Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù

Fóònù àlejò wọlé wẹ́rẹ́, láptọ́ọ̀pù nìkan ló kọ̀. Ẹ tẹ̀ lé èyí, kí ẹ dúró níbi tó bá ti yá:

1. Ẹ tẹ `Forget` lórí Wáì-fáì náà nínú láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tún fi páásíwọọ̀dù wọlé.
2. Bí ẹ bá ní áńtífáírọ́ọ̀sì tí ẹ fọwọ́ ara yín fi sí i, ẹ pa á fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tún ṣe `ipconfig /renew`. Òun ló sábà máa ń di etí láptọ́ọ̀pù, pàápàá èyí tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá.
3. Ẹ tẹ Wíńdòòsì pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ `services.msc`, kí ẹ rí i pé `DHCP Client` wà ní `Running`.
4. Nínú `cmd` tí ẹ ṣí pẹ̀lú `Run as administrator`, ẹ kọ `netsh int ip reset`, kí ẹ sì tún láptọ́ọ̀pù tàn.
5. Ẹ lọ sí `Device Manager`, ẹ yọ káàdì Wáì-fáì pẹ̀lú `Uninstall device`, kí ẹ tún láptọ́ọ̀pù tàn. Wíńdòòsì á dá a padà fúnra rẹ̀. Ẹ má fi àmì sí àpótí tó ń béèrè bóyá kó pa dírábà rẹ̀ rẹ́, nítorí pé láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè má rí òmíràn.

## Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

Ẹ ní èyí lọ́wọ́, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kò ní fi ẹnu yín wá ọ̀rọ̀:

- àdírẹ́ẹ̀sì láptọ́ọ̀pù, àti ti fóònù tó ń ṣiṣẹ́
- bóyá ohun èlò tuntun mìíràn wọlé
- èsì `ping` sí ráútà lẹ́yìn àdírẹ́ẹ̀sì ọwọ́
- ibi tí àpò DHCP bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí, pẹ̀lú iye orúkọ tó wà nínú rẹ̀

Bí ẹnìkan bá sì mú abẹ́rẹ́ láti fi kan ihò `Reset` lẹ́yìn ráútà, ẹ dá a dúró. Ihò yẹn máa ń nu gbogbo ètò inú ráútà, títí kan orúkọ àti páásíwọọ̀dù tí iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fi sí i lọ́jọ́ tí wọ́n wá so ó. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ojú ewé `WAN` tàbí `APN` inú rẹ̀. Bí páásíwọọ̀dù ibẹ̀ bá fara hàn bí ìràwọ̀ lásán, ẹ gbà á lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà kí abẹ́rẹ́ tó wọlé.